Bí a ṣe ń fi mímí kíkankíkan lé ẹ̀rù òòyì jáde nínú àìsàn ìpayà òjijì

Ẹni tí àìsàn ìpayà òjijì ń bá jà lè sọ pé ọkọ̀ èrò ló ń ba òun lẹ́rù, tàbí ìlà gígùn, tàbí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Tí a bá wò ó dáadáa, ara rẹ̀ gan-an ló ń bẹ̀rù. Òòyì díẹ̀ kọ́ ọ, ó ti gbà pé òun fẹ́ dákú. Àyà rẹ̀ lù kìkì, ó ti gbà pé ọkàn òun fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn á mú kí ara túbọ̀ gbóná, ohun tí ara ń ṣe á tún bí ìbẹ̀rù mìíràn, títí ìpayà á fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. David Clark, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé àyípo yìí ní ọdún 1986. Láàárín àsìkò kan náà ni David Barlow àti Michelle Craske ní Amẹ́ríkà ń fi ìdánrawò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sínú ìtọ́jú.

Ohun tí ìdánrawò náà ń ṣe ni pé a óò mọ̀ọ́mọ̀ fa ìmọ̀lára tó ń dẹ́rù bani jáde nínú ara, ní ọ̀nà tí kò léwu, kí àyà lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kì í ṣẹlẹ̀. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà. Mímí kíkankíkan ni a óò dì mú jù níbí, nítorí pé òun ló sábà máa ń jọ ìpayà jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń ṣe láṣìṣe jù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, àti ọkàn tí lílù rẹ̀ kò dọ́gba lè fa àyà lílù àti òòyì tó jọ ìpayà. Ẹ sọ fún dókítà ní pàtó pé ẹ fẹ́ máa mí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa sáré lójú kan, kí ẹ sì máa yí po lórí àga. Ẹni tó ní wárápá, àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì kápá, asímà tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn, ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ládìde, ẹni tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí, àti aboyún, kò gbọ́dọ̀ ṣe mímí kíkankíkan àyàfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọrùn ń dùn kò gbọ́dọ̀ máa ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí kò ní kí wọ́n má rí ìtọ́jú gbà. Ọ̀nà tó bá ara wọn mu ni olùtọ́jú yóò yàn fún wọn.

Ó sàn kí ìgbà àkọ́kọ́ wáyé lọ́dọ̀ olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó máa ṣe é nílé. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìpayà kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ìdánrawò.

Ibi kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi tàfàlà: ẹ má ṣe mímí kíkankíkan nínú omi tàbí létí omi, ẹ má ṣe é nídìí ọkọ̀ tí ẹ ń wà tàbí lórí àtẹ̀gùn, ẹ má sì ṣe é tán kí ẹ wá sé èémí mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ fipá tì í sínú. Afẹ́fẹ́ kábọ́ńdáyọ́sáìdì tó bá kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń fi dandan mú wa mí. Ẹni tó ti mí i síta tán tó sì wá sé èémí nínú omi lè dákú kí ara rẹ̀ tó ta á lólobó rárá, omi a sì gbé e lọ.

Ohun tí mímí kíkankíkan ń ṣe

Tí a bá mí ju bí ara ṣe nílò lọ, ọ́síjìn kì í tán nínú ẹ̀jẹ̀. Kábọ́ńdáyọ́sáìdì ló ń dín kù. Bó ti ń dín kù, àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ á fún díẹ̀. Ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá, àti ojú tó ń ṣú, àti bí gbogbo nǹkan ṣe máa ń dà bí àlá. Ìyípadà yẹn kan náà ló ń mú kí kálísíọ́ọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ dín kù, tí ìka ọwọ́ àti ètè fi ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí wọn. Tí mímí bá padà sí bó ṣe yẹ, ìwọ̀nyí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Dídákú ńkọ́? Kí èèyàn tó dákú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń já wálẹ̀. Nínú ìpayà, ọkàn ń sáré, ìfúnpá sì sábà máa ń gòkè ni. Ìdí rèé tí èèyàn fi lè rò ní ọgọ́rùn-ún ìgbà pé òun fẹ́ ṣubú, tí kò sì ní ṣubú. Àwọn tó máa ń dákú tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ yàtọ̀, nítorí pé ìfúnpá tiwọn máa ń já lóòótọ́, ìtọ́jú tiwọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ti dákú rí lóòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kó tó gbìyànjú ohunkóhun níbí.

Ó dára kí ẹ mọ àlàyé yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan kò ní lé ẹ̀rù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n lórí tí ẹ̀rù ṣì ń bà. Àyà kì í gba àlàyé gbọ́. Ohun tó bá rí ló ń gbà gbọ́.

Ẹ wá ìmọ̀lára tó jẹ́ tiyín

Kò sí ìdí láti máa ṣe ìdánrawò tí kò bá ẹ̀rù yín mu. Ẹ kọ́kọ́ dán méje wọ̀nyí wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ara rọlẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn: kí ẹ máa ju orí sí ọ̀tún àti òsì fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sé èémí fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ yí po lórí àga tó ń yí, tàbí lórí ẹsẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ di imú kí ẹ sì máa fi sitírọ̀ọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mí fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ tẹjú mọ́ ojú ara yín nínú dígí fún ìṣẹ́jú 2, àti mímí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yìí sí ìparí, kí ó má baà tẹ̀lé sísé èémí tàbí kí sísé èémí tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́mbà mẹ́ta sílẹ̀, láti 0 dé 10: bí ìmọ̀lára náà ṣe le tó, bí ẹ̀rù ṣe bà yín tó, àti bó ṣe jọ ìpayà yín tó. Nọ́mbà kejì àti ìkẹta ni ẹ ó fi yan. Sísáré lè mú kí ọkàn lù gidigidi kó má sì dẹ́rù bani rárá. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 34 kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Òòyì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpayà tirẹ̀, ohun tó sì dá a lójú ni pé ọjọ́ kan ni òun máa dákú nínú ọkọ̀ èrò, tí àwọn èèyàn á pé lé òun lórí. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àrùn kankan, kò sì dákú rí. Nígbà tó dán méjèèje wò, sísáré gba 6 fún líle, 1 fún ẹ̀rù. Sísé èémí gba 4 àti 2. Jíju orí àti wíwo dígí kò kọjá 2 fún ẹ̀rù. Sitírọ̀ọ̀ gba 4 fún ẹ̀rù, yíyí po gba 5. Mímí kíkankíkan gba 7 fún líle, 8 fún ẹ̀rù, 9 fún jíjọ ìpayà, ó sì dá a dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 40. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti hàn síta: mímí kíkankíkan, lẹ́yìn rẹ̀ yíyí po, lẹ́yìn rẹ̀ sitírọ̀ọ̀. Àwọn olùtọ́jú kan á ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn náà dára fún ẹni tó fẹ́ sá lọ, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá lè gbà á, ibi tí ẹ̀rù wà gan-an ni iṣẹ́ ti ń yá.

Ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Kí ẹ tó mí rárá, ẹ kọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn fi lè rí i bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. “Nǹkan burúkú á ṣe mí” kò tó. “Màá ṣubú lulẹ̀, mi ò ní mọ̀ pé mo wà láyé, kí ìṣẹ́jú kan tó pé” ló yẹ. Ẹ wá kọ bó ṣe dá yín lójú tó, láti 0 dé 100. Àbẹ̀kẹ́ kọ 80. Ìwé kékeré yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, àwọn tó bá sì fò ó ni wọ́n máa ń wá sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ dìde dúró sí àárín yàrá, kí ohun tó mú ṣónṣó má sí nítòsí, kí ọwọ́ má kan ògiri. Ẹ tẹ aago. Ẹ la ẹnu, ẹ fa èémí wọlé dé ìsàlẹ̀ àyà, ẹ tì í jáde tagbáratagbára bí ẹni tó ń fẹ́ bàlúùnù, láìdúró láàárín. Ìwọ̀n tó yẹ ni bí èémí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, ìyẹn nǹkan bí 30 nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yára mí láìfa èémí jinlẹ̀, bí ajá tí oòrùn mú. Ìyẹn kì í mú kábọ́ńdáyọ́sáìdì jáde tó. Tó bá ti pé ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí orí kò fúyẹ́, tí ìka kò sì ta, mímí náà kò jinlẹ̀ tó. Ẹnu gbígbẹ wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró.

Tí ìmọ̀lára bá dé, ẹ má sá fún un. Ẹ kíyè sí i, ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú ọkàn: orí ń fúyẹ́, ìka ń ta, ojú ń ṣú. Ẹ máa mí lọ títí aago á fi dún.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ìwé pẹlẹbẹ ń sọ lọ́nà mìíràn, a kò sì fara mọ́ wọn. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó, kí ẹ mí díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi balẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á gbà pé mímí díẹ̀díẹ̀ ló gba òun là, ẹ̀rù òòyì á sì wà níbi tó wà. Ẹ kàn dáwọ́ dúró, ẹ wà lórí ìdúró, kí ẹ jẹ́ kí èémí wá bó bá ṣe fẹ́ wá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30, kí òòyì tó lọ tán, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí ìwé: Ṣé ohun tí mo kọ ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Tí mo bá tún un ṣe, báwo ló ṣe dá mi lójú tó pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe é pé ìṣẹ́jú kan, orí rẹ̀ fúyẹ́ dé 8, ẹ̀rù wà ní 8, kò ṣubú. Nọ́mbà rẹ̀ kúrò ní 80, ó di 70. Ìgbà kejì, 70 náà ni. Ìkẹta, 65. Ó ń lọ díẹ̀ jù, olùtọ́jú sì béèrè ìdí. Ó ní, “Mo mọ̀ pé mi ò ṣubú nítorí pé mo fi orúnkún ti àga.” Kò sẹ́ni tó ti kíyè sí i. Wọ́n gbé àga kúrò. Ìkẹrin, ẹ̀rù padà gòkè dé 9, kò ṣubú, nọ́mbà já sí 40. Nígbà tó fi máa di ìkẹjọ, ó ti wà ní 10, òòyì sì ṣì wà ní 7. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: òòyì kò lọ. Ohun tí òòyì túmọ̀ sí ló yí padà.

Ìdí nìyí tí a kì í fi bí ẹ̀rù ṣe lọ sílẹ̀ nìkan wọn iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rù lè wà lókè ní ọjọ́ kan kí iṣẹ́ sì ti ṣe dáadáa, tí nọ́mbà ìdánilójú bá ti já. Ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà nígbà tí nọ́mbà náà bá ti wà nísàlẹ̀ 10, tàbí tí ẹ bá ti ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Nílé, ẹ ṣe é lójoojúmọ́, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta tẹ̀ léra. Àárẹ̀ àti orí fífọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì. Àmọ́ tí àyà bá ń dun yín tó ń tàn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí ẹ bá dákú lóòótọ́, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ wá ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́

Ohun ìgbáralé ló wọ́pọ̀ jù, bí àga Àbẹ̀kẹ́. Ó lè jẹ́ ògiri, ike omi, fóònù tí nọ́mbà ẹbí ti wà lójú rẹ̀, oògùn amárarọ̀ nínú àpò tí a kò tilẹ̀ lò, orin tí a fi ń gbọ́kàn kúrò, àdúrà tí a ń gbà kí òòyì lè tètè lọ. Kò sí èyí tó burú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kò bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wà lọ́wọ́, òun ni àyà yín máa fi ìyìn fún. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín, “Kí ni mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀?” Ohun tó bá wá sọ́kàn, òun gan-an ni kí ẹ gbé kúrò.

Èkejì ni dídáwọ́ dúró nígbà tí ìmọ̀lára bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé góńgó. Ẹni tó bá ń dáwọ́ dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ ara rẹ̀ pé ewu wà níwájú, àti pé òun sá àsálà. Tí ìṣẹ́jú kan bá pọ̀ jù, ẹ pinnu ìṣẹ́jú-àáyá 30 ṣáájú, kí ẹ sì ṣe é dé òpin. Ọjọ́ kejì, 45. Aago ni kó dá yín dúró, ẹ̀rù kọ́.

Àwọn kan sì wà tí ẹ̀rù kì í bà rárá. Wọ́n á ní, “Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á, báwo ló ṣe máa bà mí?” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kù fún wọn ni láti gbé ìdánrawò náà kúrò níbi tí ọkàn wọn ti balẹ̀.

Nígbà tí ilé kò bá bani lẹ́rù mọ́

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe ìṣẹ́jú kan nínú yàrá, kò sì kọ ju 5 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í nípa ọkọ̀ èrò, ó ní 60. Ohun tí àyà kọ́ nínú yàrá kò tíì jáde síta. Wọ́n wá ṣe é ní ibi mẹ́ta tó tẹ̀ léra: níta ilé nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn ń kọjá, lẹ́yìn náà nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà, lórí ìjókòó. Nínú ọkọ̀, kò mí sókè tó bíi tilé nítorí ojú èèyàn. Wọ́n fi kún àkókò rẹ̀, ó sì ń ju orí díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí òòyì fi dé 6. Ó kọ “màá dákú kí a tó dé ibi ìdúró tó kàn, 60”. Wọ́n dé ibẹ̀. Ó kọ 30. Ní ìgbà kẹrin tó wọ ọkọ̀, ó kọ 10.

Níbí ni ẹ ti lè pa ìmọ̀lára méjì pọ̀: kí ẹ yí po tán kí ẹ rìn wọ inú èrò, kí ẹ mu ife kọfí tí ẹ ti ń sá fún kí ẹ sì gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí ọkàn bá ti ń yára. Kí àkókò àti ibi máa yàtọ̀, kí ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí oorun kò tó yín àti ọjọ́ tí ara yín ti ń gbọ̀n láti àárọ̀. Ọjọ́ tí ara kò dá gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sún un síwájú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn ló jọ ìpayà jù.

Ìpayà tí ẹ kò pè yóò tún wá ní ọjọ́ kan. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Èyí tó mú Àbẹ̀kẹ́ ní oṣù kejì bá a lórí ìlà, òòyì kọ́ ọ lójijì, àyà rẹ̀ já. Kò wá ibi tó máa jókòó sí, kò sì kúrò lórí ìlà. Ó dúró bó ṣe ń dúró nínú yàrá, ó ní kí òòyì náà le sí i bó bá lè le, ó sì ń wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sún. Nígbà tó dé ilé, ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ 9 sí líle, 6 sí ẹ̀rù, ó sì ṣe mímí oníṣẹ́jú kan ní ìgbà mẹ́ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.